Bí a ṣe ń kọ lẹ́tà àsansílẹ̀ sí àwọn oníbàárà tó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa

Ọgọ́ta píìsì àdìrẹ aláwọ̀ ewé gbígbẹ ló wà lẹ́yìn ìsọ̀ mi fún odidi ọdún kan. Oníbàárà mi kan tó ti ń rajà lọ́wọ́ mi tipẹ́ ló ní kí n ṣe é fún ìgbéyàwó. Orí fóònù ló ti pè mí. Mo ní kò burú, mo ra aṣọ funfun, mo gbé e fún aláró. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ó wá kó ọjà ló tún pè pé ìyá ìyàwó ní àwọ̀ náà ò bá fìlà àwọn àna mu. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí mo lè dì mú. Ó bẹ̀ mí gan-an o, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ẹ̀bẹ̀ ra aṣọ funfun.

Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni mo ti ń tajà. Lódidi ni mo ń tà, fún àwọn tó ń tún un tà ní Èkó, Ìbàdàn àti Ìlọrin. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọgọ́ta píìsì yẹn, ìbínú ni mo fi kọ lẹ́tà sí gbogbo wọn: láti òní lọ, ẹni tí kò bá san ìdajì owó sílẹ̀ kò gbọdọ̀ pè mí. Ìlà mẹ́ta péré ni. Èèyàn méjì ò padà wá mọ́, ọ̀kan nínú wọn kò sì jẹ mí ní gbèsè rí láyé rẹ̀. Lẹ́tà kejì tí mo wá fara balẹ̀ kọ ni mo fẹ́ ṣàlàyé síbí, pẹ̀lú ìṣirò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, torí ìṣirò yẹn gan-an ni lẹ́tà náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣírò àdánù kí ẹ tó mú bírò

Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń sọ pé "ẹ san ìdajì" nítorí pé ìdajì rọrùn lẹ́nu. Bí oníbàárà bá wá bèèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìdajì, a ò ní èsì. Iye tó yẹ kí a gbà sílẹ̀ ni iye tí a máa pàdánù bí ẹni tó ní kí a ṣe ọjà náà kò bá wá kó o mọ́. Kì í ṣe gbogbo owó tí a ná, nítorí pé aṣọ náà ṣì máa tà, kódà kó jẹ́ ní ẹ̀dínwó.

Ẹ jẹ́ kí a fi píìsì kan ṣe àpẹẹrẹ, yáàdì márùn-ún. Ẹ fi iye tó wà lọ́jà lọ́dọ̀ yín rọ́pò èyí tí mo bá dá. Ká ní aṣọ funfun rẹ̀ jẹ́ ₦6,500. Aró, kọ́síìkì sódà, háídírọ́ọ̀sì àti àbẹ́là jẹ́ ₦1,500, owó iṣẹ́ aláró náà jẹ́ ₦1,500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦9,500, a sì ń tà á lódidi ní ₦12,000. Bí ẹni tó ni ọjà bá sá, tí a wá ń tà á díẹ̀díẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá yà, ká sọ pé ₦5,000 la máa rí lórí píìsì kan. Ohun tó sọnù ni ₦4,500. Nínú ₦12,000, ìyẹn lé díẹ̀ ní ìdá mẹ́tàdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún. Mo gbé e sí ogójì kó lè rọrùn láti ṣírò, kí owó ọkọ̀ aṣọ funfun sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ má fi ojú inú dá ₦5,000 yẹn o. Ẹ lọ wo ìwé ọjà yín, ẹ wá ìgbà tí ọjà ẹnì kan kú sí yín lọ́wọ́, kí ẹ wo iye tí ẹ padà tà á gan-an. Ẹni tó ń ta àdìrẹ aláró dúdú àti funfun, tí gbogbo èèyàn ń wọ̀, àdánù rẹ̀ kéré, àsansílẹ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kéré. Ẹni tó ń ṣe àwọ̀ tí ìdílé kan ṣoṣo yàn, tí wọ́n tún ní kí ó fi àbẹ́là kọ orúkọ olóògbé sí etí aṣọ, àdánù tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo owó náà. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò sí lábẹ́ ìdá ogójì lọ́dọ̀ mi, ìdá ọgọ́rin ni mo ń gbà sílẹ̀ lórí rẹ̀.

Àwọn kan á ní ṣebí a lè tún aṣọ náà pa láró dúdú. A lè ṣe é, ṣùgbọ́n aró mìíràn ni a máa rà, bátànì tí a fi àbẹ́là ṣe á sì rì sínú rẹ̀. Mo dán an wò lórí mẹ́wàá nínú ọgọ́ta yẹn. Ó dà bí aṣọ tí èéfín bà jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: mélòó ni a máa pè ní ọjà ńlá?

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé, bí ọjà aláwọ̀ kan bá kú sí mi lọ́wọ́ lónìí, píìsì mélòó ni mo lè tà tán fúnra mi láàárín oṣù kan? Lọ́dọ̀ tèmi, ó máa ń tó ogún, ó lè lé díẹ̀. Nítorí náà, láti píìsì 25 ni òfin mi ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀, bó bá kú, mo lè gbé e jẹ. Bí ẹ bá fi òfin yìí mú ẹni tó fẹ́ píìsì mẹ́wàá, ẹ̀ ń yọ ara yín lẹ́nu lásán, ẹ sì ń lé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ òwò lọ.

Ẹ ti ìlẹ̀kùn kan ní kíá. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, oníbàárà kan ní kí n ṣe 24, ó tún pè lọ́jọ́ kejì pé kí n ṣe 24 sí i, àwọ̀ kan náà, bátànì kan náà. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ṣe é, torí pé lẹ́tà mi ò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ nínú tiyín pé ohun tí ẹnì kan bá béèrè ní àwọ̀ kan àti bátànì kan láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, ọ̀kan ṣoṣo la máa kà á sí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: níbo ni owó náà ń lọ bí nǹkan bá yí padà?

Ibí ni ìjà ti máa ń wáyé. Ohun tó ń dun oníbàárà ju sísan owó sílẹ̀ lọ ni pé kò mọ ohun tí owó rẹ̀ máa dà bí ayé bá yí. Ìgbà mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ lè yí, lẹ́tà náà sì gbọ́dọ̀ dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Bí oníbàárà bá yí ọkàn padà kí aṣọ tó wọ inú aró, aṣọ funfun ṣì jẹ́ aṣọ funfun. Ẹ dá owó rẹ̀ padà, kí ẹ yọ kìkì owó ọkọ̀ bí ẹ bá ti ná an. Bí aṣọ bá ti wọ aró, àsansílẹ̀ dúró sọ́dọ̀ yín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá padà rí ọjà náà tà dáadáa, ẹ dá ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn àdánù yín padà fún un. Bí ẹ̀yin bá pẹ́ kọjá ọjọ́ tí ẹ dá, oníbàárà lè gba gbogbo owó rẹ̀. Bí àwọ̀ kò bá bá sáńpù mu, bákan náà ni.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ dá èyí tó ṣẹ́ kù padà kì í ṣe àánú nìkan. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà fún ẹni tó ra ọjà fún ìlò ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé ọjà tó ti béèrè sílẹ̀, ó sì gba ẹni tó ń tà láàyè láti yọ owó tó bọ́gbọ́n mu lórí rẹ̀. Òfin yẹn ò ka ẹni tó ń rà láti tún un tà mọ́ àwọn tó ń dáàbò bò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìdílé tó fẹ́ ṣe aṣọ ẹbí máa ń wá sọ́dọ̀ wa tààrà nígbà mìíràn, ó sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ní ìṣirò àdánù ti ìgbésẹ̀ kìíní lọ́wọ́, ẹ ní ohun tí ẹ lè fi hàn pé owó tí ẹ yọ bọ́gbọ́n mu. Bí ẹ bá kàn kọ ọ́ pé "owó tí a bá san kò ní padà", ẹ ò ní nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: lẹ́tà náà

Ojú ìwé kan péré ni kí ó jẹ́. Ìròyìn gan-an ni kí ó ṣáájú, kí ìdí rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ má fi ìdúpẹ́ gígùn bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí ìdúpẹ́ bá ti pọ̀ jù, ẹni tó ń kà á á ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ má sì mẹ́nu ba ẹni tó ṣẹ̀ yín, kódà bí ẹ ò dárúkọ rẹ̀, torí pé gbogbo ọjà á mọ̀ ọ́n. Èyí ni mo kọ, pẹ̀lú ìlà ọjọ́ mẹ́rìnlá tí mo fi kún un lẹ́yìn náà:

*Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹjọ*

*Ẹ̀yin oníbàárà wa,*

*Ẹ kú ọjà o, ẹ sì kú òjò.*

*Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, ẹni tó bá ní kí a ṣe àdìrẹ píìsì 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní àwọ̀ kan àti bátànì kan, yóò san ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọjà náà sílẹ̀ kí aláró tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ ó san ìyókù lọ́jọ́ tí ẹ bá wá kó ọjà. Òfin yìí ò kan ọjà tó wà nílẹ̀ ní ìsọ̀, kò sì kan èyí tí ẹ ti bá wa sọ kí ọjọ́ yẹn tó pé. Aṣọ àwọ̀ ìdílé kan tí a bá fi àbẹ́là kọ orúkọ sí, ìdá 80 ni.*

*Ìdí rẹ̀ ni pé owó lọ́wọ́ la fi ń ra aṣọ funfun àti aró. Bí a bá ti pa aṣọ ní àwọ̀ tí ìdílé kan yàn, ìdílé mìíràn kì í fẹ́ ẹ mọ́. Bí ẹni tó ni ín kò bá wá, a máa ń pàdánù ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀ lọ. Àsansílẹ̀ yìí kò ju àdánù yẹn lọ púpọ̀, a ò sì fi lé iye ọjà.*

*Àpẹẹrẹ: píìsì 60 ní ₦12,000 jẹ́ ₦720,000. Ẹ ó san ₦288,000 sílẹ̀, yóò ku ₦432,000 lọ́jọ́ tí ẹ bá wá kó o.*

*Bí ẹ bá yí ọkàn padà kí a tó ti aṣọ bọ aró, a ó dá owó yín padà láàárín ọjọ́ márùn-ún, a ó yọ kìkì owó ọkọ̀ tí a ti ná. Bí aṣọ bá ti wọ aró, a ó tà á, a ó yọ àdánù wa nínú àsansílẹ̀, a ó sì dá ìyókù padà, bó bá kù. Bí àwa bá fi ọjọ́ méje kọjá ọjọ́ tí a dá, tàbí tí àwọ̀ kò bá bá sáńpù tí ẹ ní lọ́wọ́ mu, gbogbo owó yín la ó dá padà bí ẹ bá fẹ́.*

*Ohun tí ẹnì kan bá béèrè ní àwọ̀ àti bátànì kan náà láàárín ọjọ́ 14, ọ̀kan la ó kà á sí.*

*Àkáǹtì ìsọ̀ nìkan ni kí ẹ san owó sí, kí ẹ sì gba rìsíìtì. A kì í gba àsansílẹ̀ sínú àkáǹtì ẹnikẹ́ni tó ń bá wa ṣiṣẹ́.*

*Bí ohun kan bá wà tí kò yé yín, ẹ pè wá tàbí kí ẹ yà ní ìsọ̀. Ọjà á tà o.*

Ẹ wo oṣù tí mo yàn. Oṣù kan gbáko ló wà láàárín lẹ́tà àti òfin, mi ò sì dúró títí di oṣù kọkànlá tí ìnáwó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ẹni tó ti bá ìdílé dúnàá-dúrà lórí owó kan kò lè padà lọ sọ òmíràn fún wọn, ìdí nìyí tí èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìlànà àtijọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹnu ló ń ṣáájú ìwé

Ẹni tó ti ń rajà lọ́wọ́ yín láti ogún ọdún kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ yìí lórí Wáàsápù. Ẹ yan àwọn márùn-ún tàbí mẹ́wàá tó pẹ́ jù, kí ẹ pè wọ́n ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Àwọn tó jẹ́ àgbà níbẹ̀, bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ lọ bá wọn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá tẹ ìwé náà, kí ẹ lù ú ní òǹtẹ̀ ìsọ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo àwọn tó kù.

Mo pe màmá kan ní Ìlọrin. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dé ìdajì.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé mo jẹ ọ́ ní gbèsè rí ni?"

"Rárá o, Màmá. Ẹ ò jẹ mí rí."

"Kí ni mo wá ń sanwó sílẹ̀ fún? O ò fọkàn tán mi mọ́?"

Mo ní, "Màmá, àwọn ìdílé tó ń wá bá yín fún aṣọ ẹbí, ṣé wọ́n máa ń san sílẹ̀ fún ẹ̀yin?"

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní àwọn kan máa ń san, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ àwọn mìíràn, ojú máa ń ti àwọn láti béèrè. Mo ní, "Mo máa fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí yín, ó ní òǹtẹ̀. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìsọ̀ yín. Bí wọ́n bá dé, ẹ ní kí wọ́n kà á, pé àwọn ará Abẹ́òkúta ló ní kí wọ́n san."

Wọ́n ní kí n fi méjì ránṣẹ́.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà tí mo kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ nìyẹn. Àwọn tó ń rà lọ́wọ́ wa láti tún un tà, àwọn náà ń jẹ irú ìyà tí à ń jẹ, lọ́wọ́ àwọn ìdílé. Ó ṣòro fún wọn láti fi ẹnu ara wọn béèrè owó, pàápàá lọ́wọ́ ẹbí àti aládùúgbò. Bí ẹ bá kọ lẹ́tà náà lọ́nà tí ẹlòmíràn lè kà láìdàrú, tí àpẹẹrẹ ìṣirò sì wà nínú rẹ̀, ó di ohun èlò lọ́wọ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: sáńpù àti rìsíìtì

Kò sí ohun tí ọ̀rọ̀ "àwọ̀ kò bá sáńpù mu" wúlò fún bí sáńpù kò bá sí. Kí ẹ tó gba àsansílẹ̀, ẹ jẹ́ kí aláró pa aṣọ funfun tó tó ìdajì yáàdì, irú èyí tí ẹ máa lò gan-an, torí aró kì í mú aṣọ méjì bákan náà. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a títí tó fi gbẹ. Aṣọ tútù máa ń dúdú ju èyí tó gbẹ lọ, ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ló sì ti ibẹ̀ jáde, nítorí pé orí fóònù ni oníbàárà ti rí fọ́tò aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró. Bó bá gbẹ tán, ẹ gé e sí méjì. Oníbàárà mú ọ̀kan, ẹ fi píìnì so ìkejì mọ́ ẹ̀dà rìsíìtì tó kù lọ́wọ́ yín, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí ìwé náà.

Lórí rìsíìtì, ẹ kọ "àsansílẹ̀", ẹ má kọ "ó san díẹ̀". Ẹ kọ iye píìsì, àpapọ̀ owó, iye tó wọlé, iye tó kù, ọjọ́ tí aṣọ máa wọ aró, àti ọjọ́ tí ọjà máa jáde. Ọjọ́ tí aṣọ máa wọ aró yẹn ṣe pàtàkì jù, torí òun ni ààlà láàárín ìgbà tí owó lè padà àti ìgbà tí kò ní padà tán. Ní àkókò òjò, ẹ fi ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lé ọjọ́ tí ọjà máa jáde. Bí oòrùn kò bá ràn, aṣọ kò ní gbẹ, àwa la ó sì jẹ̀bi lẹ́tà tí a fọwọ́ ara wa kọ.

Àláàtì kì í ṣe owó o. Ẹ wo inú àkáǹtì fúnra yín kí ẹ tó kọ rìsíìtì.

Ìgbésẹ̀ keje: oṣù àkọ́kọ́

Ẹnì kan á wá, á ní kí ẹ fojú fo òun lẹ́ẹ̀kan péré. Ìwà rẹ̀ dára, ẹ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìgbà kan tí mo gbà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹni mẹ́ta ti pè mí láti Ìbàdàn pé àwọn gbọ́ pé mo ti yí òfin náà padà. Bí ẹ bá rí i pé ìdá ogójì wúwo jù fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ dín in kù fún gbogbo wọn, kí ẹ tún lẹ́tà kọ. Ohun tí mo lè ṣe fún ẹni tó bá níṣòro ni pé kí ó san án lẹ́ẹ̀mejì, ìdajì rẹ̀ lọ́jọ́ tí a gé sáńpù, ìdajì kejì nígbà tó bá ku ọ̀la kí aṣọ wọ aró. Bí ìdajì kejì ò bá wọlé, aṣọ funfun dúró sí ilé.

Àkáǹtì ọ̀tọ̀ ni mo ń kó owó àsansílẹ̀ sí. Lóṣù àkọ́kọ́ tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, mo dà á pọ̀ mọ́ owó ọjà, mo sì fi ra àbẹ́là àti aró ẹlòmíràn. Nígbà tí ìdílé kan wá fagi lé ọjà wọn lọ́jọ́ kejì tí wọ́n sanwó, kí aṣọ tó wọ aró, mo ní láti yá ₦200,000 lọ́wọ́ aládùúgbò mi ní ìsọ̀ kí n tó lè dá a padà láàárín ọjọ́ márùn-ún tí mo kọ. Ní báyìí, mi ò fọwọ́ kan owó àsansílẹ̀ àyàfi láti ra aṣọ àti aró ẹni tó san án, ọjọ́ tí mo bá sì fẹ́ ra wọ́n ni mo máa ń pe oníbàárà náà láti bi í pé, "Ṣé àwọ̀ yìí náà ni o?"